Ìwé Gbélé-Ẹ Tí Kò Ní Di Ẹjọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé tó parí oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìyá kan tó ni béékárì kékeré ní Ìbàdàn gbé bébà kan lé mi lọ́wọ́. Ó ti fi bírò kọ ọ̀rọ̀ sí i, ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ kó tó di ọjọ́ Ajé. Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyí:

"Mo ti lé ọ níṣẹ́ láti òní lọ. Olè ni ọ́. O jí ₦58,500 nínú owó mi. Ọ̀lẹ sì tún ni ọ́, o kì í tètè dé. Mo ti fi owó rẹ tó kù lọ́wọ́ mi dí èyí tí o jí. Bí mo bá tún rí ẹsẹ̀ rẹ ládùúgbò yìí, ọlọ́pàá ni yóò gbé ọ."

Akọ̀wé béékárì náà ni ó fẹ́ já ìwé gbélé-ẹ fún, ọmọbìnrin kan tó ń ka búrẹ́dì fún àwọn tó ń kiri, tó ń gba owó lọ́wọ́ wọn, tó sì ń já rìsíìtì. Inú ń bí ìyá yìí, mo sì mọ ìdí. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló yẹ kí akọ̀wé ti wà lẹ́nu iṣẹ́, torí ìgbà yẹn ni búrẹ́dì ń jáde nínú ààrò tí àwọn tó ń kiri ń tò dè é. Bí akọ̀wé bá pẹ́ dé, wọn kì í dúró. Wọn á gbé agbọ̀n wọn lọ sí béékárì mìíràn, búrẹ́dì tó bá sì di ọ̀sán láìtà, ẹ̀dínwó ni wọ́n ń fi ń lé e.

Iṣẹ́ títọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí irú lẹ́tà báyìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ó máa ń dùn mí, torí ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó kọ ọ́ ló ní ẹjọ́ rere lọ́wọ́, tí ẹnu ara wọn wá bà á jẹ́ fún wọn. N kò tẹ lẹ́tà ìyá náà. Mo ní kó jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè.

Mo kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ owó. Ta ló rí i nígbà tí akọ̀wé mú un? Kò sẹ́ni tó rí i. Kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ owó ńkọ́, ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Mẹ́ta ni: ọ̀kan lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ìgbà wo ni wọ́n ṣírò owó kẹ́yìn kí wọ́n tó rí i pé ó dín? Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó wá dákẹ́. Òun náà ti rí i pé òótọ́ ni owó dín, ṣùgbọ́n ẹni tó mú un kò tíì hàn.

Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ọ̀rọ̀ pípẹ́ dé. Ó lọ gbé ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí láràárọ̀ wá. A jọ kà á. Láti oṣù Kẹta títí dé ìparí oṣù Karùn-ún, ìgbà 14 ni ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́yìn aago mẹ́fà ni òun dé. Ìyá náà ti fún un ní kúẹ́rì lẹ́ẹ̀mejì, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin àti ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, ó sì ti kọ èsì méjèèjì. Nínú èsì àkọ́kọ́, ó ní ọkọ̀ ṣòro ní ìdájí. Nínú èkejì, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí, ó tún pẹ́ dé nígbà márùn-ún.

Mo fi ìwé ìfọwọ́sí náà síwájú rẹ̀, mo fi lẹ́tà tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni ó fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ, èyí tí kò ní ẹ̀rí lórí rẹ̀ ni ó fi gbogbo agbára kọ.

Òfin tó yí ọ̀rọ̀ yìí ká kò le. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí wọ́n ṣe ní 1974, fi àkókò ìkìlọ̀ lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé. Ẹni tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan ni. Ẹni tó ti kọjá oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ti pé ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ti pé ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan gbáko. Bí ìkìlọ̀ náà bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, dandan ni kó wà ní kíkọ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ náà wà lábẹ́ àkókò kan náà. Bí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ bá sì ti ṣèlérí àkókò tó gùn ju èyí lọ, ìlérí inú lẹ́tà ni kí ọ̀gá tẹ̀ lé. Mánéjà àti àwọn amọṣẹ́dunjú kò sí lábẹ́ òfin yìí, àdéhùn ọwọ́ wọn ni a ń wò.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2022 ni akọ̀wé yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti lo ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. "Láti òní lọ" tí ìyá kọ, láìsí ìkìlọ̀ àti láìsí owó dípò rẹ̀, ló máa kọ́kọ́ gbé e dé iwájú adájọ́. Òótọ́ ni pé òfin ṣì gba ọ̀gá láyè láti lé ènìyàn lójú ẹsẹ̀ bí ìwà tó hù bá burú jáì, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá gba ọ̀nà yẹn ni yóò fi ẹ̀rí ìwà náà hàn.

Ibí yìí ló ti yẹ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìdí, torí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ọ̀gá kan máa ń sọ pé, "Má sọ ìdí kankan, fún un ní owó ìkìlọ̀ rẹ̀, kó máa lọ." Èyí ní ìtìlẹ́yìn nínú òfin àtijọ́. Ọ̀gá aládàáni lè fòpin sí iṣẹ́ láìsọ ìdí, níwọ̀n bó bá ti fún ènìyàn ní àkókò rẹ̀. Àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa tún sọ ọ́ pé ọ̀gá tó bá ti fúnra rẹ̀ kọ ìdí sílẹ̀, òun ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kéèyàn dákẹ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà. Láti ìgbà tí àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti fún kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní agbára láti wo ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn gbà pé ó tọ́ lẹ́nu iṣẹ́, àwọn adájọ́ kan níbẹ̀ ti sọ ọ́ pé kò bójú mu mọ́ kí ọ̀gá fòpin sí iṣẹ́ láìsí ìdí gidi. Wọ́n ń tọ́ka sí àdéhùn tí àjọ àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé ṣe ní 1982, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà kò tíì buwọ́ lù ú. Nítorí náà, ẹni tó dákẹ́ patapata kò bọ́ nínú ewu, ẹni tó sọ̀rọ̀ jù náà kò bọ́. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ọ̀gá kọ ìdí kan, kó jẹ́ èyí tó wà nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀, kó kọ ọ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti iye, kó má fi ohun mìíràn kún un.

Ẹ wo "Ọ̀lẹ sì tún ni ọ́". Irú ènìyàn tí ọmọ náà jẹ́ ni gbólóhùn yẹn ń sọ, adájọ́ kò sì lè wọn ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n "ìgbà 14 ni ẹ dé lẹ́yìn aago mẹ́fà" jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣí ìwé kó sì kà. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò lè sọ pé irọ́ ni, torí ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó tún ní àǹfààní mìíràn tí mo kà sí pàtàkì: ọmọbìnrin náà yóò wá iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ó ń pẹ́ dé lè tún un ṣe níbi tó bá ń lọ, ẹni tí wọ́n pè ní ọ̀lẹ kò gba ohunkóhun dání lọ bí kò ṣe ìbínú.

Ti "olè" burú ju ìyẹn lọ. Ẹ̀sùn ọ̀daràn ni. Bí ó bá dénú lẹ́tà, ọ̀gá yóò ní láti fi hàn pé ọmọ yìí gan-an ló mú owó. Bí ẹlòmíràn bá sì ka lẹ́tà náà, ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ ti wọ̀ ọ́. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀gá bá lẹ fọ́tò òṣìṣẹ́ mọ́ ògiri tàbí tó gbé e sórí Wọ́sáàpù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé kí aráyé ṣọ́ra fún un. Bí ó bá pọn dandan kí àwọn oníbàárà mọ̀, kí ọ̀gá sọ fún wọn pé akọ̀wé tuntun ni kí wọ́n máa sanwó fún láti ọjọ́ báyìí lọ. Kò sí ohun tí wọ́n tún fẹ́ mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Kí ni ká wá ṣe sí ₦58,500? Mo sọ fún ìyá náà pé ọ̀nà tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni. Kó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, kó fi rìsíìtì wé iye búrẹ́dì tó jáde lójoojúmọ́, kó bi gbogbo ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan ọmọ tirẹ̀. Bí ẹ̀rí bá yọjú, kó gbé e lọ síbi tó yẹ. Kò gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà yìí, kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú owó tó fẹ́ san.

Ọ̀rọ̀ owó yìí ló pẹ́ kí ìyá tó gbà. Ó ní, "Ṣé kí n tún gbé owó fún ẹni tó jẹ mí ní gbèsè ni?" Mo ṣàlàyé fún un pé òfin kò fún ọ̀gá láṣẹ láti dá ara rẹ̀ láre kó sì fúnra rẹ̀ yọ owó. Kódà nígbà tó bá dájú pé òṣìṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ fa àdánù tàbí tó fi àìbìkítà fà á, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó yọ ohun tó mọ níwọ̀n. Ìyá kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

A wá ṣírò owó náà lórí bébà. ₦104,000 ni ọmọbìnrin náà ń gbà lóṣù: ₦78,000 jẹ́ owó oṣù gan-an, ₦26,000 jẹ́ owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ìyá sì máa ń pín owó oṣù sí ọjọ́ 26. Èyí fi hàn pé owó oòjọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦3,000 bí a bá wo owó oṣù nìkan, ₦4,000 bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ìyá kò fẹ́ kó tún fọwọ́ kan owó fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ẹ̀rù yẹn sì yé mi. Òfin gbà á láyè láti san owó dípò àkókò ìkìlọ̀. Nígbà tí a bá sì ń ṣírò owó yìí, owó oṣù gan-an nìkan ni òfin ní ká wò, láìka owó ọkọ̀, oúnjẹ tàbí àfikún iṣẹ́. Ọjọ́ iṣẹ́ 12 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà ó jẹ́ ₦36,000. Bó bá jẹ́ pé ó ní kó ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì náà ni, owó rẹ̀ ní kíkún ni yóò gbà.

Ohun kejì ni owó iṣẹ́ ọjọ́ Ajé tí wọn yóò fún un ní lẹ́tà, torí ó máa jí wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà: ₦4,000. Ti oṣù Karùn-ún, wọ́n ti san án. Ẹ̀kẹta ni ìsinmi, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kékeré ń gbàgbé. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún kan ní ẹ̀tọ́ sí ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà fún ìsinmi pẹ̀lú owó rẹ̀ ní kíkún. Ọmọbìnrin náà kò tíì lo ti ọdún tó parí ní ìparí oṣù Kejì. Ọjọ́ mẹ́fà ní ₦4,000 jẹ́ ₦24,000. Fún oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí òfin béèrè kó tó di pé wọ́n ń ṣírò ìdá kan fún un. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦64,000. Òfin sì ní kí owó ti dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ó pẹ́ tán lọ́jọ́ tí ìkìlọ̀ bá parí. Mo ní kí ìyá sanwó náà kó tó gbé lẹ́tà kalẹ̀, torí lẹ́tà tó ní "mo ti san" rọrùn láti gbà ju èyí tó ní "màá san" lọ.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a wá kọ lẹ́tà tuntun. Èdè Yorùbá ni ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ń sọ, èdè Yorùbá ni a sì fi kọ ọ́. Ní ojoojúmọ́, "ìwọ" ni ìyá ń pe ọmọbìnrin náà, ọjọ́ orí fún un láyè bẹ́ẹ̀. Nínú lẹ́tà, mo ní kó lo "yín". Ìwé tó ń fòpin sí oúnjẹ òòjọ́ ènìyàn, ó yẹ kó bọ̀wọ̀ fún un.

"Ọjọ́ 2, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

"Arábìnrin ………,

"Ìfòpin sí iṣẹ́ yín

"Mo kọ ìwé yìí láti fi tó yín létí pé iṣẹ́ akọ̀wé tí ẹ ti ń ṣe ní béékárì wa láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, ọdún 2022 parí lónìí.

"Ohun tó fà á ni pípẹ́ dé ibi iṣẹ́. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni iṣẹ́ yín ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìfọwọ́sí fi hàn pé láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ọdún yìí, ìgbà 14 ni ẹ dé lẹ́yìn aago mẹ́fà. Mo fún yín ní kúẹ́rì ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin àti ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún. Ẹ dá mi lóhùn lórí méjèèjì, mo sì ka èsì yín. Lẹ́yìn kúẹ́rì kejì, ẹ tún pẹ́ dé nígbà márùn-ún.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni àkókò ìkìlọ̀ yín lábẹ́ òfin. Mo san owó rẹ̀ fún yín dípò kí ẹ ṣiṣẹ́ rẹ̀: ₦36,000. Owó iṣẹ́ ti òní jẹ́ ₦4,000. Owó ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà tí ẹ kò tíì lò jẹ́ ₦24,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦64,000. Mo ti fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì yín láàárọ̀ yìí, n kò sì yọ nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Kí ẹ tó lọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀, ìwé rìsíìtì àti aṣọ iṣẹ́ padà. Màá fún yín ní ìwé tó fi hàn pé mo ti gbà wọ́n.

"Bí ohun kan nínú ìwé yìí kò bá rí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọ́ sí mi, màá sì fún yín lésì."

Ẹ kíyè sí i pé kò sí "ẹ ṣeun fún iṣẹ́ ribiribi yín" níbẹ̀. Ìyá fẹ́ fi sí i kí ọ̀rọ̀ lè rọ̀. Mo ní kó yọ ọ́. Ìyìn tí kò bá ìdí mu nínú lẹ́tà kan náà yóò dà bí ẹni pé ìdí yẹn kì í ṣe òótọ́, agbẹjọ́rò sì mọ bí a ti ń fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ yọ. A kò kọ "bóyá a ó tún pè yín" pẹ̀lú, torí ìyá kò ní i lọ́kàn. Bákan náà, "fòpin sí" ni a lò, a kò lo "lé". Ẹni tí wọ́n fòpin sí iṣẹ́ rẹ̀ ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ, ìtìjú wà lára lílé ènìyàn níṣẹ́ nítorí ìwà burúkú. Bí ọ̀gá bá pa méjèèjì pọ̀ nínú ìwé kan, kò ní yé ẹnikẹ́ni èwo ló ṣe.

Lẹ́tà yìí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Bó bá jẹ́ pé ọjà ló dínkù tí ọ̀gá fẹ́ fi dín òṣìṣẹ́ kù, ìdí yẹn gan-an ni kó kọ, kó má wá ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Òfin tún ní ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, bí iṣẹ́ ọwọ́ àti òye wọn bá dọ́gba. Bí obìnrin bá sì wà ní ìsinmi ìbímọ, òfin kò gbà kí wọ́n fún un ní irú ìwé yìí nígbà tó wà nílé.

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí àwọn tó ń kiri ti gbé búrẹ́dì lọ, ìyá pe akọ̀wé sínú yàrá, pẹ̀lú àgbà òṣìṣẹ́ kan tó jókòó tì wọ́n. Mo ti ní kó má ṣe é lójú àwọn òṣìṣẹ́, kó má sì rán ọmọ kékeré níṣẹ́ lẹ́tà. Ẹ̀dà méjì ni wọ́n tẹ̀. Wọ́n ka ọ̀kan sókè, wọ́n sì ní kí ọmọbìnrin náà fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ èkejì pé òun ti gba tòun. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní bí òun bá fọwọ́ sí i, ó túmọ̀ sí pé òun gbà pé òun jẹ̀bi. Ìyá rántí ohun tí a ti sọ. Kò bá a jà. Ó ní kó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìfọwọ́sí rẹ̀ pé, "Mo gba ìwé, n kò gba ìdí." Ọmọ náà kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i. Bó bá tún kọ̀ ni, àgbà òṣìṣẹ́ yẹn ni ìbá kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n gbé e fún un níwájú òun.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọbìnrin náà padà wá. Ilé ìtajà kan fẹ́ gbà á, wọ́n sì ní kó mú ìwé wá láti ibi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìyá pè mí lórí fóònù, ó bi mí bóyá kí òun kọ ọ́. Mo ní kó kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, àti iṣẹ́ tó ṣe. Ó ní, "Ṣé kí n fi ti pípẹ́ dé kún un?" Mo ní bí àwọn yẹn bá béèrè, kó dá wọn lóhùn pẹ̀lú òótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì béèrè. Gbólóhùn méjì ló kọ, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìfọwọ́sí àti kúẹ́rì méjèèjì.